Ọ̀sẹ̀ kan fún àmì tó ń yíjú

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò ìṣirò Wáẹ̀kì bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Àìdọ́gba, ìyẹn ìṣirò tó ń lo <, >, ≤ àti ≥, ló ń dà á láàmú. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dára títí dé ìlà ìkẹyìn, ibẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́.

Mo ní kó má yanjú ìbéèrè kankan lọ́jọ́ Ajé. Kó kọ 2 < 5, kó sì fi −1 sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di púpọ̀. Wọ́n di −2 àti −5. Ẹni tó jẹ gbèsè náírà 5 kò lè lówó ju ẹni tó jẹ náírà 2 lọ, torí náà −2 > −5: àmì ti yíjú. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nígbàkígbà tí a bá fi nọ́ńbà òdì sọ ọ́ di púpọ̀ tàbí tí a fi pín in. Ìròpọ̀ àti ìyọkúrò kì í yí i, àmọ́ àwọn ọmọ kan á yí i níbẹ̀ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú wà fún ìbéèrè onídàá, torí ibẹ̀ ni ọ̀fìn pọ̀ sí. Ẹ wo èyí:

(x − 1)/2 − (2x + 1)/3 ≤ 1

Ẹ fi 6 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, títí kan 1 tó wà lápá ọ̀tún:

3(x − 1) − 2(2x + 1) ≤ 6
3x − 3 − 4x − 2 ≤ 6
−x ≤ 11
x ≥ −11

Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú àkámọ́ kejì kan nǹkan méjèèjì inú rẹ̀; ẹni tó bá kọ +2 ti ṣìnà. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìdáhùn tọ̀nà? Ẹ fi 0 dípò x: apá òsì di −5/6, kò ju 1 lọ. Ẹ fi −17 tí kò sí lára ìdáhùn dán an wò: ó di −9 + 11, ìyẹn 2, ó ju 1 lọ. Ó tọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀ kò le: lórí ìlà nọ́ńbà, ≤ àti ≥ gba róbótó tí a kùn, < àti > gba èyí tí inú rẹ̀ ṣófo. Lọ́jọ́ Ẹtì, tó kan gíráàfù, kó fa ìlà x + y = 4 fún x + y ≤ 4, kó wá fi (0, 0) dán an wò. 0 kò ju 4 lọ, torí náà apá tí (0, 0) wà ni a ń wá. Bó bá jẹ́ < ni, ìlà gígé wẹ́wẹ́ ni kó fà.

Ní Àbámẹ́ta, aago dé. Nínú Pépà Kejì, ìbéèrè 10 ni yóò dáhùn láàárín wákàtí méjì ààbọ̀, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó ṣe ìbéèrè àtẹ̀yìnwá.

Lọ́jọ́ Àìkú, èyí tó gbà lódì nìkan ló tún ṣe. Mẹ́rin ni. Àmì kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Iwájú àkámọ́ ni mẹ́ta ti ṣìnà.