Fótò Ojú Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Di Fáìlì

Ká ní oníbàárà kan pe ìyá aláṣọ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé owó mi ti wọlé?" Ìyá ṣí àkáǹtì báńkì rẹ̀ lórí Mac, ó sì rí owó náà. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ló fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù inú kọ̀ǹpútà náà. Ti àwọn oníbàárà yòókù kò kàn án.

Bó bá tẹ Shift, Command àti 4 pa pọ̀, tó sì fi atọ́ka fa àpótí yí ìlà náà ká, fótò yóò jáde, ṣùgbọ́n yóò di fáìlì. Bí wọn kò bá tíì yí ètò rẹ̀ padà, orí Desktop ló máa ń balẹ̀ sí, ọjọ́ àti aago lára orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́ yóò wá rí i pé ọ̀rọ̀ owó oníbàárà ti kún ojú Desktop, níbi tí ọmọ iṣẹ́ tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ti lè rí i.

Control ló ń yanjú èyí. Kí ìyá tẹ Control mọ́ mẹ́ta yẹn, Control-Shift-Command-4, kó fa àpótí rẹ̀, kó sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Bí àpótí náà bá ṣì ibi tó yẹ kó wà, kó di Space mú kó tó tú ọwọ́, yóò lè sún un lọ síbi tó fẹ́. Esc sì wà bó bá fẹ́ pa á tì. Lẹ́yìn náà, kó bọ́ sí Wásáàpù, kó tẹ Command-V. Fótò ti dé nìyẹn, kò sì sí fáìlì kankan láti pa rẹ́.

Inú Clipboard ni fótò náà wà, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí a bá dà kọ sí. Ohun kan ṣoṣo ni ibẹ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyá bá ya fótò tán, tó tún lọ da nọ́ńbà àkáǹtì kọ kó tó lẹ fótò, nọ́ńbà ni Command-V yóò gbé jáde. Fótò ti kúrò níbẹ̀, ó sì lè di pé kó tún un yà. Bó bá sì pa kọ̀ǹpútà, ó lọ bákan náà.

Nítorí pé kò sí fáìlì tí yóò hàn, ó lè ṣe èèyàn bíi pé kò ṣiṣẹ́. Kí ó lọ sí Finder, kó ṣí Edit, kó yan Show Clipboard, yóò sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí fáìlì tuntun bá yọ lórí Desktop, a jẹ́ pé ọwọ́ kò kan Control dáadáa.

Bó bá wá pinnu pé òun fẹ́ tọ́jú fótò náà, kó ṣí Preview kó tó da ohun mìíràn kọ, kó tẹ Command-N. Fótò yóò ṣí níbẹ̀, Command-S yóò sì fi pamọ́ síbi tó bá yàn fúnra rẹ̀.