Bí Àwòrán Kámẹ́rà Ṣe Lè Kún Ojú Kọ̀ǹpútà Agbélétan: Àlàyé Lórí Káàdì Ìgbàwòrán HDMI

Ìfáárà

Nígbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá pe onílù tàbí akéwì wá sí gbọ̀ngán ńlá, àwọn tó jókòó sẹ́yìn kì í sábàá rí nǹkan kan ju orí àwọn tó wà níwájú wọn lọ. Wọ́n ń gbọ́ ohùn ìyáàlù, ṣùgbọ́n wọn kò rí bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń bà á, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí bí ọwọ́ kejì ṣe ń fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlù kò gbọdọ̀ pàdánù èyí. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí á gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ onílù, kí á fa àwòrán rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà agbélétan, kí á jẹ́ kí ó kún ojú kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ̀rọ pùrójẹ́kítọ̀ sì gbé e sára ògiri. Ohun èlò kékeré tó ń so kámẹ́rà pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. Káàdì ìgbàwòrán ni mo pè é.

Ìdí tí a fi nílò káàdì náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń béèrè pé, ṣebí ihò HDMI wà lára kọ̀ǹpútà agbélétan, kí ló dé tí a kò fi ki wáyà kámẹ́rà bọ̀ ọ́ tààrà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà àbájáde ni ihò yẹn jẹ́ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà agbélétan. Àwòrán ń gba ibẹ̀ jáde lọ sí tẹlifíṣọ̀n tàbí pùrójẹ́kítọ̀, kò sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí a bá so ó mọ́ kámẹ́rà, ẹnu ọ̀nà àbájáde méjì ni a kọjú síra wọn. Kò sí èyí tí yóò gba nǹkan kan lọ́wọ́ èkejì.

Iṣẹ́ káàdì ìgbàwòrán ni láti gba àwòrán láti ẹnu HDMI, kí ó sì gba ihò USB gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ mọ̀ pé káàdì ni. Ó ń wò ó bí ẹni pé kámẹ́rà kékeré bíi ti orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni. Nítorí náà, kò sí ètò pàtàkì kan tí a ní láti kọ́kọ́ fi sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó dá káàdì náà mọ̀. Ibi tí gbogbo ìrọ̀rùn rẹ̀ wà nìyí. Ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ wà, nítorí pé onírúurú ọ̀nà ni káàdì kan lè gbà fi àwòrán ránṣẹ́. Bí a kò bá sọ èyí tí a fẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ó lè mú èyí tí kò dára.

Ìṣirò kan tó yẹ kí á mọ̀

Ẹ jẹ́ kí á wo káàdì kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ń lo USB 2.0, irú èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwòrán kan tó jẹ́ 1920 ní ìbú, tó sì jẹ́ 1080 ní òró, ní èérún àwọ̀ tó jẹ́ 2,073,600. Bí a bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ láìfún un pọ̀ rárá, báìtì 2 ni èérún kọ̀ọ̀kan ń gbà, èyí tó jẹ́ 4,147,200 fún àwòrán kan. Kí fídíò tó lè máa lọ geere, ó yẹ kí a rí àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní báìtì mílíọ̀nù 124 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Mélòó ni USB 2.0 lè gbé? Bíìtì mílíọ̀nù 480 ni wọ́n kọ fún un, èyí tó jẹ́ báìtì mílíọ̀nù 60; ti àwòrán kò sì lè tó gbogbo ìyẹn nígbà tí a bá ń lò ó. Ẹrù tó tó ìlọ́po méjì agbára ọ̀nà ni a fẹ́ gbà kọjá. Ohun méjì péré ni káàdì lè ṣe. Ó lè dín iye àwòrán kù sí 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó má sì fún wọn pọ̀. Ó sì lè fún àwòrán kọ̀ọ̀kan pọ̀ kí ó tó fi í ránṣẹ́, kí iye wọn lè pé 30. Orúkọ tí a ó rí fún ti àkọ́kọ́ lójú kọ̀ǹpútà ni YUYV. Ti èkejì ni MJPG tàbí MJPEG.

Nígbà tí àwòrán 5 péré bá ń wọlé, ọwọ́ onílù yóò máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn bí ẹni pé wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní káàdì ti bàjẹ́ tàbí pé kọ̀ǹpútà ti gbó. Kò sí èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà YUYV ni a gbà dípò MJPG.

Bí a ó ṣe tò ó

Kámẹ́rà ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe. Bí ó bá ń fi àmì bátìrì, iye ìmọ́lẹ̀ àti àwọn ìlà mìíràn hàn, gbogbo rẹ̀ ni yóò bá àwòrán lọ sára ògiri. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Sony, ibi tí a ń pa á ni `HDMI Info. Display`. Kí a yí i sí `Off`. Kí a tún wo ibi tí a ti ń ṣètò àkókò tí kámẹ́rà fi ń sùn fúnra rẹ̀, kí ó má baà kú nígbà tí onílù bá ń lù lọ́wọ́. Kí a sì wo ihò ara rẹ̀ dáadáa kí a tó ra wáyà, nítorí pé ihò HDMI ti kámẹ́rà sábà máa ń kéré ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí a ki káàdì bọ ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí a má ṣe kì í bọ ara ohun èlò tó ń pín ihò USB kan fún ọ̀pọ̀ nǹkan, nítorí pé ọ̀nà tí kò fẹ̀ náà ni wọn yóò jọ máa gbà. Ubuntu ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Mo kọ́kọ́ fi ètò méjì sí i, mo sì béèrè orúkọ káàdì àti àwọn ọ̀nà tó ní:

```
sudo apt install ffmpeg v4l-utils
v4l2-ctl --list-devices
v4l2-ctl -d /dev/video2 --list-formats-ext
```

Kámẹ́rà orí kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń gba nọ́ńbà 0 àti 1; ìdí nìyí tí káàdì fi bọ́ sí 2 lọ́dọ̀ mi. Èsì ìbéèrè kẹta gùn, ṣùgbọ́n ìlà wọ̀nyí ni kókó rẹ̀:

```
'MJPG'  1920x1080  30.000 fps
'YUYV'  1920x1080   5.000 fps
```

Ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, káàdì fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà náà ni mo pàṣẹ pé kí àwòrán jáde:

```
ffplay -f v4l2 -input_format mjpeg \
  -video_size 1920x1080 -framerate 30 \
  -fflags nobuffer -flags low_delay \
  -framedrop -fs /dev/video2
```

`-input_format mjpeg` ló yan ọ̀nà tó yẹ. `-fs` ló mú kí àwòrán kún ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó wà láàárín ń sọ fún ètò náà pé kí ó má ṣe kó àwòrán jọ kí ó tó fi hàn, àti pé kí ó ju èyí tó bá pẹ́ nù. Bí a bá tẹ `f`, àwòrán yóò kúrò ní kíkún, yóò sì padà kún bí a bá tún un tẹ̀. `q` ni a fi ń pa á.

Ẹni tó ń lo Windows lè fi OBS Studio ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí ó fi `Video Capture Device` kún un, kí ó yí `Resolution/FPS Type` sí `Custom`, kí ó sì yan `MJPEG` ní `Video Format`. Lẹ́yìn náà, kí ó fi bọ́tìnì ọ̀tún eku kọ̀ǹpútà tẹ àwòrán náà, kí ó yan èyí tí ọ̀rọ̀ `Projector` wà nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń wọn ìfàsẹ́yìn

Ohun tó kù ni bóyá àwòrán àti ìró jọ ń rìn. Ìró ìlù ń lọ bá etí tààrà. Àwòrán ní láti gba inú káàdì àti kọ̀ǹpútà kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà wọ̀n ọ́n rọrùn. Mo gbé fóònù tí aago ìṣẹ́jú àáyá ń sáré lórí rẹ̀ síwájú kámẹ́rà, mo sì fi fóònù mìíràn ya aago yìí àti ojú kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Nínú ọ̀kan lára fọ́tò náà, aago gan-an ka 14.62, ti ojú kọ̀ǹpútà sì ka 14.46. Ìfàsẹ́yìn náà jẹ́ 0.16 ìṣẹ́jú àáyá. Ó dára kí á ya fọ́tò tó márùn-ún, kí á sì wá ìpíndọ́gba wọn, nítorí pé ojú fóònù náà kì í yí padà lójú ẹsẹ̀.

Ṣé 0.16 pọ̀ jù? Ó dá lórí ibi tí ènìyàn jókòó. Ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó wà ní mítà 30 sí onílù yóò gbọ́ ìlù lẹ́yìn nǹkan bíi 0.09. Lójú rẹ̀, ìyàtọ̀ tó kù kò ju 0.07 lọ, kò sì lè dà á láàmú púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹni yìí, ìró yóò tètè dé etí rẹ̀, gbogbo 0.16 náà ni yóò sì rí: kọ̀ǹgọ́ yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ìlù ti dún. Pùrójẹ́kítọ̀ náà lè fi tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, ara ògiri ni kí á ti tún un wọ̀n kí àlejò tó dé.

Àwọn àmì tí a fi ń mọ àìsàn rẹ̀

Bí àwọn ènìyàn bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì gùn ju bó ti yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kí a ti gba àwòrán ní 640x480; ìbú ni wọ́n fún pọ̀. Bí ìlà dúdú bá wà lókè àti nísàlẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ló ga ju àwòrán lọ, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ `Device or resource busy`, ètò mìíràn ti mú káàdì náà dání. Kí á lọ pa á. Bí a bá rí `4K` lára páálí káàdì USB 2.0, kí á mọ̀ pé ohun tó lè gbà wọlé ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ohun tó ń fún kọ̀ǹpútà.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ géèmù PS5 ni a so mọ́ ọn dípò kámẹ́rà, tí ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú kirikiri, ààbò ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ló dí i. Nínú `Settings`, kí á lọ sí `System`, sí `HDMI`, kí á sì pa `Enable HDCP`. Géèmù yóò hàn, ṣùgbọ́n àwọn ètò tí a fi ń wo fíìmù kò ní ṣí títí a ó fi tan án padà.

Ní àkótán, ohun mẹ́ta ni kí á yẹ̀ wò kí á tó dá káàdì lẹ́bi: ọ̀nà tí àwòrán ń gbà wọlé, ìwọ̀n tí a béèrè, àti ìfàsẹ́yìn tí a fi aago wọ̀n. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tọ́, ẹni tó wà ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá yóò rí ìka onílù lórí ọṣán bí ẹni tó jókòó níwájú ṣe ń rí i.