Ohun Tó Kù Sórí Kọ̀ǹpútà Kafẹ́ Lẹ́yìn Tí Ẹ Dìde

Ká sọ pé ọmọ kan jókòó sí kafẹ́ kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, láago 2 ọ̀sán. Ó fẹ́ wo CAPS, níbi tí JAMB ti ń fi han ọmọ bóyá yunifásítì ti gbà á. Láago 2:10, ó tẹ ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, Chrome sì bi í pé "Save password?" Ó tẹ "Save", torí ó rò pé bí òun ò bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé náà ò ní ṣí. Nígbà tó di aago 3:40, ó pa ojú ìwé náà dé, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣí ojú ìwé JAMB, kó sì bá ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba àyè yunifásítì lórí CAPS náà ni wọ́n ti ń kọ̀ ọ́.

Ojú ìwé tí a pa dé kò pa nǹkan kan rẹ́. Pásíwọ́ọ̀dù tí a ní kí búráúsà tọ́jú ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí yóò máa yọjú fún ẹlòmíràn bó bá ti tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́. Kúkì ni ẹ̀kẹta. Ó dà bíi nọ́ńbà tí wọ́n ń fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà òde àríyá: ẹni tó bá ti mú un lọ́wọ́, wọn ò tún ní bi í ní orúkọ.

Nítorí kúkì yìí ni mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ tẹ "Log out" kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Bí ẹ bá pa kúkì rẹ́ lásán, ti orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan lẹ pa rẹ́. Bí ẹnì kan bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó ṣì lè fi wọlé níbòmíràn. "Log out" ló ń sọ fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní kúkì pé kí wọ́n má ṣe gbà á mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àmì róbótó kékeré tó wà lókè Chrome lápá ọ̀tún. Èèyàn púpọ̀ kì í bojú wò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí ẹ bá rí àwòrán tàbí lẹ́tà orúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí oníkafẹ́ tàbí oníbàárà kan ti fi àkáǹtì Google rẹ̀ wọ inú búráúsà náà. Pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ bá ní kí Chrome tọ́jú lè wọ inú àkáǹtì onítọ̀hún, kó sì dé orí fóònù rẹ̀. Bí àkáǹtì yín ló bá wà níbẹ̀, tí ẹ wá ń pa pásíwọ́ọ̀dù rẹ́, ó lè pa rẹ́ lórí fóònù tiyín nílé. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ àkáǹtì yín kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ má pa gbogbo nǹkan rẹ́, kí ẹ má baà ba tirẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ èyí síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì ojú ìwé sí, kí ẹ wá tiyín nìkan jáde, kí ẹ sì pa á rẹ́:

```
chrome://password-manager/passwords
```

Bí kò bá sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Delete pọ̀. Chrome yóò béèrè iye àkókò tí ẹ fẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ibí ni ọmọ wa ti Bódìjà ìbá ti ṣìnà. Ká ní ó mú "Last hour" láago 3:40, ohun tó wọlé láti aago 2:40 nìkan ni yóò lọ. Pásíwọ́ọ̀dù tó tẹ̀ láago 2:10 yóò jókòó síbẹ̀ digbí. "Last 24 hours" ló yẹ ẹ́. Kó wá rí i pé òun mú kúkì, pásíwọ́ọ̀dù àti "Autofill". Wọn kì í sábà mú àwọn méjì tó kẹ́yìn fúnni, ẹni tó ń lò ó ló ń mú wọn fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí pásíwọ́ọ̀dù níbẹ̀, kó lọ sí àdírẹ́sì tí mo kọ sókè yẹn.

Kí ẹ tó dìde, ẹ tún ojú ìwé náà ṣí. Bó bá mọ̀ yín, kúkì ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ ímeèlì yín tó yọ jáde, Autofill ló kù. Ẹ fi bọ́tìnnì ọlọ́fà sọ̀kalẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ tẹ Shift+Delete, òun nìkan yóò sì lọ. Fọ́ọ̀mù tàbí èsì ìdánwò tí ẹ wà jáde wà nínú "Downloads", ìpalẹ̀mọ́ búráúsà kì í kàn án.

Ohun kan wà tí gbogbo èyí kò lè tún ṣe. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo ohun tí a tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà náà, pásíwọ́ọ̀dù yín ti lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Bí ara bá fu yín, ẹ yí i padà lórí fóònù yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ti Gmail, ẹ ṣí myaccount.google.com/device-activity, ẹ wá kọ̀ǹpútà kafẹ́ yẹn láàárín àwọn tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ "Sign out" lórí rẹ̀.