Bónọ́ọ̀sì Kò Fi Kọ́bọ̀ Kan Kún Un

Nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún tí ilé-iṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn onípìn-ín, ojú-ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣí kọjá. Ibẹ̀ la ti ń rí bí ohun tó ṣẹ́ kù fún onípìn-ín, tí a bá ti yọ gbogbo gbèsè kúrò nínú dúkìá, ṣe yí padà láàárín ọdún kan.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé-iṣẹ́ kan tó ní ìpín 100 mílíọ̀nù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà kan. Owó ìpín rẹ̀ jẹ́ ₦100 mílíọ̀nù. Èrè tó ti kó jọ láti ẹ̀yìn wá jẹ́ ₦180 mílíọ̀nù, àlékún tó ti bá iye dúkìá rẹ̀ sì jẹ́ ₦20 mílíọ̀nù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦300 mílíọ̀nù.

Lọ́dún yìí, ó jèrè ₦60 mílíọ̀nù lẹ́yìn owó-orí. Èyí wọ inú èrè àkójọ. Ìpàdé ọlọ́dọọdún fọwọ́ sí 30 kọ́bọ̀ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ₦30 mílíọ̀nù sì jáde níbẹ̀. Ọdún tí ìpàdé fọwọ́ sí i ni wọ́n ń yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú èrè ọdún tó kọjá ni ìgbìmọ̀ olùdarí ti dábàá rẹ̀. Ìdí nìyí tí owó inú ìwé yìí kì í fi í sábà bá èyí tí wọ́n ń kéde lọ́wọ́ mu.

Lẹ́yìn náà ni bónọ́ọ̀sì dé: ìpín tuntun kan fún márùn-ún. ₦20 mílíọ̀nù kúrò nínú èrè àkójọ, ó bọ́ sínú owó ìpín. Kò sí owó tó wọlé, kò sí èyí tó jáde. Àpapọ̀ kò mì. Ẹni tó ní ìpín 1,000 di oní 1,200, ṣùgbọ́n iye ìpín gbogbo ẹlòmíì náà ti lọ sókè bákan náà. Bí wọ́n bá ń ta ìpín náà ní ₦6 lọ́jà, ₦5 ló yẹ kó bọ́ sí. Ayọ̀ tí àwọn kan máa ń yọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jù ni ilẹ̀. Wọ́n tún ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà díyelé, iye rẹ̀ sì fi ₦40 mílíọ̀nù lé. (Mo fi owó-orí orí èyí sílẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn.) Kò gbọdọ̀ kọjá nínú èrè ọdún, àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń lọ, ó sì di ₦60 mílíọ̀nù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ta ilẹ̀ náà ni wọ́n lè gbé e sínú èrè àkójọ.

Ní òpin ọdún, owó ìpín di ₦120 mílíọ̀nù, èrè àkójọ di ₦190 mílíọ̀nù, àpapọ̀ sì di ₦370 mílíọ̀nù. Alága lè dìde ní ìpàdé pé ọrọ̀ onípìn-ín ti fi ₦70 mílíọ̀nù gbèrú. Kò parọ́, àmọ́ ₦40 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ iye ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà. Èyí tí iṣẹ́ mú wá tó sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn pínpín kò ju ₦30 mílíọ̀nù lọ.