Kí Ẹni Tó Kọ Kóòdù Tó Lọ, Kí Ló Yẹ Kó Kọ Sílẹ̀?

Tí ẹni tó ń kọ kóòdù bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó máa ń kọ ìwé kékeré kan fún ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kóòdù fúnra ẹ̀ ò lọ síbì kankan, inú Git ló wà. Ohun tí Git ò lè sọ fún yín ni èwo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èwo ló sì kù.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ẹ̀gbọ́n kan ní láàbù wa ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwọ̀n ooru láti ara sẹ́ńsọ̀ DS18B20. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: "`main` ni iṣẹ́ tuntun ń wọ̀. `release/1.4` ló ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà. Àtúnṣe kan wà nínú `release/1.4` tí kò tíì dé `main`."

Gbólóhùn kẹta yẹn ló ṣe kókó jù. Tí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já, láíbírì tá a fi ń kà á máa ń dá -127 padà. Ká ní a ka ooru lẹ́ẹ̀mẹrin: 27, 28, 29 àti -127. Tá a bá pín àròpọ̀ wọn sí 4, ó di -10.75. Yàrá tó ń móoru wá tutù ju fìríjì lọ! Àtúnṣe ẹ̀gbọ́n ni pé kí ètò náà yọ -127 kúrò kó tó ṣírò, kí ìdáhùn lè jẹ́ 28. Tí ẹnì kan bá gbé ẹ̀dà 1.5 jáde láti `main` láìmọ̀, àṣìṣe àtijọ́ á tún yọjú.

Ẹ lè fojú ara yín rí i:

```
git cherry -v main release/1.4
```

Ìlà tó ní `+` níwájú ni àtúnṣe tí kò tíì sí ní `main`. Èyí tó ní `-` ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yí kóòdù náà padà díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, `+` ló ṣì máa hàn. Torí náà, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ kà á.

Ìwé náà tún sọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀dà jáde. Ẹ kọ́kọ́ ṣe gbogbo ìdánwò, ẹ fi àmì sí i, kẹ́ ẹ wá fi àmì ọ̀hún ránṣẹ́:

```
git tag -a v1.5.0 -m "v1.5.0"
git push origin v1.5.0
```

`git push` lásán kì í gbé àmì lọ. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ìlà kejì, orí láptọ́ọ̀pù ẹni tó fi í sí i nìkan ni àmì náà máa wà, ó sì lè bá a lọ.

Iṣẹ́ tí kò tíì parí ló kẹ́yìn, ẹ̀ka `csv-export`. Ẹ̀gbọ́n ò kàn kọ pé "ó ku díẹ̀". Wọ́n kọ pé fáìlì ń jáde dáadáa, àmọ́ aago inú ẹ̀ fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn, torí UTC ló ń lò, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú ìyẹn. Wọ́n sì dárúkọ ìdánwò tó ń kùnà nítorí ẹ̀. Ẹni tó gbà á mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìwé náà pé? Ẹ fi í gbé ẹ̀dà kan jáde nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà nítòsí, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ní láti bi í léèrè, ibẹ̀ ni ìwé náà kù sí.