Mọ́mì Kétu, Fádèyí Lẹ Ó Ti Bọ́ọ́lẹ̀

Orúnkún ló ń yọ ìyá kan, ẹni ọdún 71, lẹ́nu ní Kétu, l'Ékòó. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kó wá sí ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1943 gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó máa ń mú un lọ kò rí ààyè gbà níbi iṣẹ́. Ìyá yìí kò lè ka lẹ́tà wínníwínní orí fóònù, àmọ́ etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ kedere. Ọmọ náà bá ní fóìsì nóòtù lòun ó fi tọ́ ọ sọ́nà.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ ká, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ìyá gbọ́ ọ tán lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó pè é padà: "Ibo lo tiẹ̀ ní kí n ti bọ́ọ́lẹ̀?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ta ló fẹ́ máa wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ Fádèyí nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin, nígbà tí dáńfó ń jò lórí kòtò? Ọmọ náà gé e sí mẹ́rin, ibì kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ilé, gáréèjì, inú ọkọ̀, Onípáànù.

Wàhálà mìíràn tún yọjú. Tí fóìsì nóòtù bá tò tẹ̀ léra lórí Wọ́sáàpù, bí ọ̀kan bá ti parí, èyí tó kàn á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá kò tíì kúrò ní Kétu tí fóònù ti ń sọ fún un pé kó máa múra àtibọ́ọ́lẹ̀! Àwòrán ni ọmọ náà fi dá a dúró: ó fi àwòrán káàdì ọsibítù sáàárín èyí àkọ́kọ́ àti ìkejì, ó fi ti dáńfó sẹ́yìn ìkejì, ó sì fi ti ẹnu géètì ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Ó ní kí ìyá tan dátà lálẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé, torí èyí tó bá ti wọlé kò nílò nẹ́tíwọọ̀kì mọ́. Kó gbé fóònù sétí bí ẹni ń gba ìpè, ohùn á rọra jáde níbẹ̀, èrò ọkọ̀ kò ní bá a gbọ́. Kó má sì fọwọ́ kan 1× tó máa ń yọ bí ohùn bá ń lọ. Ìka rẹ̀ ti bá a pàdé lẹ́ẹ̀kan, ohùn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ewúrẹ́ tí ajá ń lé.

Èyí tó wà fún gáréèjì lọ báyìí: "Mọ́mì Kétu, ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ má wọ èyí tó ń pe Ọ̀ṣòdì o, Yábàá ni kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu kọ́ńdọ́. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹ sọ fún un pé Fádèyí lẹ̀ ń lọ. Ẹ jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ẹ má lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ yín. Ẹ mú ṣénjì dání."

Nínú èyí ìkẹta, ó ti kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n ka bọ́sítọ́ọ̀pù. Àṣìṣe gbáà ni. Ọ̀nà náà gba Ọjọ́ta, Mérílàndì, Ántónì, Ọbaníkòró, Páàmùgúróòfù àti Onípáànù kó tó kan Fádèyí, ṣùgbọ́n dáńfó kì í dúró níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti sọ̀. Ẹni tó ń kà á yóò ṣìnà. Ó tún un ká pé kí ìyá fetí sí orúkọ Onípáànù, yálà èrò sọ̀ níbẹ̀ tàbí kò sọ̀, kó sì ké "Fádèyí wà o!" láì tíì dìde. Kọ́ńdọ́ tó bá láàánú á kígbe sí dẹ́rẹ́bà pé "Ó lóyún o, ó pọnmọ o!" kó lè dúró pátápátá, bí ẹni tó ń sọ̀ kò tiẹ̀ lóyún, tí kò pọnmọ. Tí wọ́n bá já gbogbo èrò sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tàbí tí dẹ́rẹ́bà yà kúrò lójú títì nítorí gósíló, kí ìyá pa fóìsì nóòtù tì, kó pe òun. Ohùn tí a ti ká lálẹ́ àná kò lè mọ ibi tí dẹ́rẹ́bà yà sí.

Lárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ náà ń wo fóònù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì níbi iṣẹ́. Bí ìyá bá ti gbọ́ ọ̀kan, tí dátà rẹ̀ sì wà ní títàn, àmì gbohùngbohùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á di búlúù. Èkínní di búlúù. Ìkejì di búlúù. Ìkẹta náà. Ìkẹrin kò yí padà. Ó pe ìyá, kò gbé e. Ó tún pè.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, fóìsì nóòtù ìyá wọlé: "Mo ti dé géètì o. Kọ́ńdọ́ yẹn so èmi àti ọmọkùnrin kan pọ̀ nítorí ṣénjì, Ìgbóbì lòun náà ń lọ, òun ló bá mi pe Fádèyí. Mi ò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn rárá. Kí lo sọ nínú ẹ̀?"