Ṣẹ́ẹ̀tì 20 Kí Á Tó Sọ̀rọ̀ Èrè

Ọ̀pọ̀ ìwé tí oníṣòwò kékeré kan ń kọ sí èkejì rẹ̀ pé kí wọ́n jọ dòwò pọ̀ máa ń kú sórí gbólóhùn kan: "Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é, ká jọ pín èrè." Ẹni tó gba ìwé náà á ní òun ti gbọ́, òun á rò ó wò, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹni tó kọ ọ́. Kò kàn rí ohun tó lè ṣe lọ́la nínú rẹ̀ ni. Wọn ò sọ iye ọjà, wọn ò dá ọjọ́, wọn ò sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ tọwọ́ bọ àpò. Tó bá sì gbà ńkọ́? Ewu tó wà nínú "ká jọ pín èrè" yẹn kò kéré, a óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi òwò méjì ṣe àpẹẹrẹ. Aránṣọ kan wà n'Íbàdàn, ọmọṣẹ́ mẹ́ta ló ní, ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ló sì ń rán tà. Aláró kan wà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ, wọ́n sì ń tà á lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá yà. Aránṣọ yìí fẹ́ kọ̀wé sí aláró. Kí ló yẹ kó kọ?

Kó tó mú bírò, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dun kálukú wọn. Ohun tó ń dun òun ni pé àdìrẹ tó ń rà lọ́jà ń yọ aró. Oníbàárà kan fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀ mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì gbé síńgílẹ́ẹ̀tì náà wá há a lọ́rùn. Èkejì ni pé bí ẹnì kan bá fẹ́ irú èyí tí ọ̀rẹ́ òun wọ̀, aránṣọ kì í rí irú búlúù yẹn mọ́. Ohun tó ń dun aláró yàtọ̀. Àwọn tó ń yà lọ́nà a máa ra ẹyọ kan, wọ́n á sì nájà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára, tó ń ti òkè òkun wá, sì ti ba iye tirẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè dá a mọ̀: aṣọ ẹ̀rọ sábà máa ń mọ́lẹ̀ jù lẹ́yìn ju iwájú lọ, àwòrán rẹ̀ a sì máa tún ara rẹ̀ sọ láìyàtọ̀ rárá, nígbà tí kò sí kókó méjì tó dọ́gba nínú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ dì. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó mọ̀ ọ́n wò kò pọ̀.

Ibi tí ìrora méjèèjì ti pàdé ni ète tí wọ́n jọ ní: ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ojúlówó àdìrẹ rán, tí kì í yọ aró, tí ẹni tó rà á yóò sì mọ ilé aró tó ti wá. Aránṣọ lè máa gbèrò láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, ìyẹn kò kan aláró. Kó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Mo ti rí ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ fi ojú ìwé méjì sọ àlá tirẹ̀, tó wá pè é ní àlá àwọn méjèèjì.

Ó kan ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ àwọn aláró, yáàdì 5 ni wọ́n sábà máa ń kà sí odindi aṣọ kan. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú fún ọkùnrin tí kò tóbi jù máa ń jẹ nǹkan bíi yáàdì 2. Odindi kan á mú ṣẹ́ẹ̀tì méjì jáde, yáàdì kan á sì ṣẹ́kù. Nítorí náà, odindi 10 á di ṣẹ́ẹ̀tì 20. Kí ló dé tí kì í ṣe 200? Bí nǹkan bá bàjẹ́, 20 kò ní ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́. Kí ló dé tí kì í ṣe méjì? Ẹnikẹ́ni lè ṣe aṣọ kan kó dára. Ohun tí aránṣọ fẹ́ mọ̀ ni bóyá aláró lè pa odindi mẹ́wàá kí àwọ̀ wọn dọ́gba.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Aró inú ìkòkò máa ń rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń ri aṣọ bọ inú rẹ̀ sí i, yálà ẹ̀lú ni wọ́n lò tàbí aró oníyẹ̀fun tí wọ́n fi kọ́sítíìkì àti háídírósì pò. Aṣọ tó kọ́kọ́ wọlé á dúdú dáadáa, èyí tó kẹ́yìn á mọ́lẹ̀ jù ú lọ, àfi tí wọ́n bá tún aró ṣe tàbí tí wọ́n bá rì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀lú kì í tíì jẹ́ búlúù pàápàá, ó máa ń ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Bí wọn ò bá fún un láyè tó, tàbí tí wọn ò bá fi omi ṣàn án títí omi á fi mọ́, ibẹ̀ ni aró yíyọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ìwé sọ ọ́ pé kí wọ́n pa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láró lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n jọ yan aṣọ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n gé e sí méjì, kí kálukú mú ìdajì lọ sílé. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí àwọ̀, aṣọ yẹn ni wọn óò gbé síta, wọn kò ní máa fi ẹnu jà. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá náà gbọ́dọ̀ ro ti òjò, torí oòrùn ni aláró fi ń sá aṣọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lóṣù Ṣẹẹrẹ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù Okúdù.

Owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé odindi kan jẹ́ 9,000 náírà. Mẹ́wàá jẹ́ 90,000. Aránṣọ san ìdajì kí aláró lè fi ra tẹ́rù, ìko àti aró, ó sì san ìyókù nígbà tó bá ti dán aṣọ wò. Bó ṣe máa dán an wò kò le: kó rẹ aṣínpọ̀ funfun sómi, kó fi ra ojú aṣọ náà gan-an, lẹ́yìn náà kó fi ọṣẹ àti omi fọ aṣọ náà, kó sì sá a. Fífọ̀ yìí wúlò fún nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Òwú a máa súnkì, ó sì sàn kó súnkì kí àlùmágàjí tó kàn án ju kó súnkì lọ́rùn oníbàárà lọ.

Ó yẹ kí ó ti yọjú sí ìyá náà ní Ìtòkú lẹ́ẹ̀kan kó tó fi ìwé ránṣẹ́, torí ìwé láti ọwọ́ àjèjì kì í rìn jìnnà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé náà kò nílò ju báyìí lọ, kódà orí Wátsáàpù ló bá fẹ́ gbà:

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ajé o. Èmi aránṣọ tó wá kí yín ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé ni. Mo fẹ́ ká jọ gbé ṣẹ́ẹ̀tì jáde tí ẹni tó bá rà á á mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni aró rẹ̀ ti wá, tí kò sì ní yọ aró. Kí á fi kékeré dán an wò ná. Mo fẹ́ àdìrẹ oníko odindi 10, àwọ̀ kan náà, kí ẹ pa á lọ́jọ́ kan. N óò san 45,000 náírà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bá gba aṣọ, n óò fọ̀ ọ́ wò láàárín ọjọ́ 3, n óò sì san 45,000 tó kù. Èyí tó bá yọ aró, n óò dá a padà lódindi. Èyí tí mo bá ti gé, tèmi ni, kódà bó bá bàjẹ́. Àgékù rẹ̀ náà, tèmi ni. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, orúkọ ilé aró yín á wà lára ìwé tí mo máa so mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, n óò wá bá yín jókòó pẹ̀lú ìwé ìtajà, ká mọ̀ bóyá ká tẹ̀síwájú. Bí kò bá wù yín, Màmá, ẹ sọ fún mi, kò sí ìbínú."

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò ní kí ìyá má ta fún aránṣọ mìíràn. Ẹni tó fẹ́ ra odindi mẹ́wàá péré kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àgékù pẹ̀lú. Yáàdì 10 tó ṣẹ́kù lè di fìlà tàbí báàgì, ó sì lè mówó wọlé. Tí wọn ò bá sọ ọ́ ṣáájú, ìyá á rí fìlà lọ́jọ́ kan, á sì bi ara rẹ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ òun jẹ.

Kò sì sí ọ̀rọ̀ pínpín èrè. Òfin àjọṣepọ̀ tí à ń lò láwọn ìpínlẹ̀ wa wá láti inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1890. Lójú rẹ̀, àwọn tó bá jọ ń ṣe òwò kan láti jèrè jẹ́ alájọṣepọ̀, wọn ìbáà kọ̀wé, wọn ìbáà má kọ. Ilé ẹjọ́ sì lè mú gbígba ìpín nínú èrè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, àfi tí ẹ̀rí mìíràn bá tako ó. Ohun tó ń tẹ̀lé e ni gbèsè. Bí aránṣọ bá ra bọ́tìnnì láwìn lórúkọ òwò náà tí kò san án, olówó lè lọ bá aláró, aláró sì lè fi dúkìá ara rẹ̀ san án. Rírà àti títà bíi ti inú ìwé òkè yìí kò gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀. Kódà, tí aláró bá ń gba iye kan lórí ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tó tà, láìka ìnáwó sí, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di alájọṣepọ̀ lójú òfin yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun mẹ́ta ni kí wọ́n wò: mélòó ni wọ́n tà, mélòó ni wọ́n dá padà, àti pé ta ló san ohun tó ṣèlérí lọ́jọ́ tó dá. Ẹ̀kẹta ni èmi máa kọ́kọ́ wò. Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba ṣeé tún pa. Aránṣọ tó ní ọjọ́ 3, tó wá lo ọjọ́ 12 kó tó san 45,000, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lórí 450,000. Aláró tó fún un ní mẹ́sàn-án dípò mẹ́wàá láìpè é sórí fóònù tún jẹ́ irú kan náà. Bí ṣẹ́ẹ̀tì bá tà ṣùgbọ́n tí èyí bàjẹ́, kí wọ́n máa ra, kí wọ́n máa tà, owó lọ́wọ́ ọjà lọ́wọ́, kí wọ́n má lọ jìnnà sí i.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kí ìgbésẹ̀ kejì jẹ́ odindi 30 lórí àdéhùn kan náà, kí wọ́n ṣàfikún ẹni tí yóò dá owó oníbàárà padà bí aró bá yọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá fẹ́ ní àkáǹtì kan náà ní báǹkì, tí wọ́n fẹ́ máa ná owó kan náà, ni kí wọ́n tó lọ bá lọ́yà, nítorí òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020 ti fàyè gba irú àjọṣepọ̀ kan tí wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí gbèsè òwò kò fi ní wọ inú ilé ẹni tí kò jẹ ẹ́.